Fọ́nrán Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Sun

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ kì í gé aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fa fọ́nrán kan yọ, kó sun ún. Nígbà ooru, awakọ̀ kan gbé aṣọ tí a ó fi rán ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wá. Ooru ti sú wínníwínní bò ó lẹ́yìn, ó ń yún un, ìjókòó ọkọ̀ sì ti di ìyà fún un.

"Òwú pọ́ńbélé ni, mọ̀mí. Ẹni tó tà á búra."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣáná sí fọ́nrán náà. Ó yọ́, ó ká jọ, ó di kóro dúdú líle.

"Òwú á jó bíi bébà ni, á di eérú. Pọliẹ́sítà nìyí, oníke ni. Kì í fa òógùn mu."

"Ṣùgbọ́n kì í rún! Ìdájí ni mò ń jáde, ta ló fẹ́ lọ aṣọ?"

"Ọ̀lẹ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ nínú ẹrù tirẹ̀: òwú ló pọ̀ jù níbẹ̀, pọliẹ́sítà díẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà rún jù. "Ẹyọ kan la ó kọ́kọ́ rán."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, awakọ̀ náà wọlé, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tuntun náà sókè. Ooru tó sú sí i lẹ́yìn ti gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dán.

"Mọ̀mí, ẹ rán méjì tó kù. Pọliẹ́sítà yẹn ti di aṣọ tí mo fi ń bo ọkọ̀."