Àwòrán Tí Mo Gé Sọnù

Mo máa ń fọ́nnu nígbà náà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ èèyàn ní ìṣirò bíi tèmi ní Àgọ́-Ìwòyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún kọ́ọ̀sì sítátísíìkì ṣe a máa pé jọ sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́.

Àǹtí kan wà láàárín wọn, ọmọ Jàpárà. Kọ́ọ̀sì yìí nìkan ló kù tí kò jẹ́ kó lọ sin ìlú. Bó bá tún fìdí rẹmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á di àgùnbánirọ̀, òun á sì jókòó ti ìdánwò fún ọdún kan sí i.

Mo ya fọ́tò àtẹ òǹkà kan tí a fi ń wá ìṣeéṣe látinú ìwé mi, mo fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù wọn. Kí òǹkà lè tóbi lójú fóònù, mo gé àwòrán òkè kékeré tó wà lórí rẹ̀ dànù, èyí tí wọ́n kùn ní dúdú láti fi ibi tí òǹkà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n hàn. Àtẹ tèmi ń wọ̀n láti ìpẹ̀kun òsì. Mo wá ní, "Bí wọ́n bá bi yín ní ìrù apá ọ̀tún, ìyẹn ìwọ̀n tó kù lápá ọ̀tún, ẹ yọ òǹkà tí ẹ bá rí lórí àtẹ kúrò nínú ọ̀kan. Ó parí." Mo mọ̀ pé àtẹ mìíràn wà tí kì í wọ̀n láti òsì. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àǹtí yìí ló kọ́kọ́ jáde, inú rẹ̀ ń dùn.

"Tíṣà, Alihamudulilahi! Ìrù ọ̀tún 1.80 ni wọ́n bi wá. Mo rí 0.4641, mo yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan. 0.5359!"

Lórí àtẹ tèmi, 0.9641 ló wà níwájú 1.80. Mo gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkà àkọ́kọ́ lórí àtẹ tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ jẹ́ 0.0000: láti àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìdajì, 0.5, ló yẹ kó ti yọ ọ́, kó rí 0.0359. Ìyẹn kéré sí 0.05 tí ìbéèrè fi ṣe ààlà, tirẹ̀ sì ju ààlà náà lọ, nítorí náà ìdáhùn rẹ̀ dorí kodò pátápátá. Àwòrán òkè náà wà níbẹ̀, wọ́n kun àárín rẹ̀ dé 1.80.

"Àǹtí, ẹ ò wo àwòrán yìí ni?"

"Mo rí i. Mo ṣe bí ọ̀ṣọ́ ni. Kò sí nínú tiyín."

Ojú tì mí. Mo sọ òótọ́ fún un, pé ẹ̀bi mi ni, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi. Ì bá sàn bó bá bú mi. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ló bi mí.

Kí n tó dáhùn, wọ́n ya jáde. Wọ́n rí mi, wọ́n hó yèè: "Tíṣà, ẹ ṣeun o! Gbogbo wa la yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀kan!"