Awò Ojú Ọjọ́ Ìsinmi

Awò ojú náà rí mi lára. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sójú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọra, ilẹ̀ dagun bí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rì lápá kan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ni mo fẹ́ gùn dé ibi tí a ti ń ka Bíbélì, mo sì ń fi ẹsẹ̀ wá wọn kiri níṣojú ìjọ. Nígbà tí mo débẹ̀, lẹ́tà ń ṣe bàìbàì. Èébì ń gbé mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ náà, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà. Kò sí ohun mìíràn tí mo fi ń yangàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹrin tí mo kọsẹ̀, alùfáà ní kí n sinmi ná. Ó fi akọ̀wé báǹkì kan rọ́pò mi, ọkùnrin tó ń kàwé bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Oṣù méjì kọjá kí n tó fi ìbínú gba Ọ̀yọ́ lọ, èmi àti ìyàwó mi, sọ́dọ̀ dókítà ojú tó kọ awò náà fún mi. Mo jù ú sórí tábìlì rẹ̀ bí ẹran tó ti ń rùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà, kò sì bínú. Ó fi ẹ̀rọ wọn dígí náà, ó tún ojú mi yẹ̀ wò.

"Dígí yìí bá ohun tí mo kọ mu, Bàbá. Wákàtí mélòó lẹ ń lò ó lójúmọ́?"



"Ẹ sọ òótọ́," ni ìyàwó mi wí. Ó yíjú sí dókítà. "Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń lò ó. Lọ́jọ́ yòókù, inú àpótí aṣọ ló ń wà, lábẹ́ agbádá. Ògbólógbòó awò tí wọ́n fi òwú so ni wọ́n ń lò kiri."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: ohun tuntun, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Ojú yín kò rí roboto délẹ̀," ni dókítà wí, "dígí yìí ló ń tọ́ ohun tó wọ́. Ṣùgbọ́n wíwọ́ náà ti mọ́ ọpọlọ yín lára. Bí a bá tọ́ ọ, ọpọlọ á rò pé ilẹ̀ ló dagun. Ẹ lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, á mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí ilẹ̀ ṣì dagun, ẹ padà wá, nítorí nígbà mìíràn ohun tí a kọ ló ní àṣìṣe. Bí ẹ bá sì ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí ojú ṣókùnkùn lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ gbà á."

Lóòótọ́ ló sọ ọ́. Ara mi wá ń rí mi lára ju awò náà lọ.

Mo gbé e lọ sóko, mo gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, lẹ́tà sì mọ́lẹ̀. Mo tọ alùfáà lọ, mo ní mo ti ṣe tán.

Ó kí mi kú oríire. Ó ní àmọ́ akọ̀wé báǹkì náà ti mọ́ ìjọ lára.

Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó báyìí. Mo ń rí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kedere.