Bàtà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Bìrò

Assana, ìyá Mamoudou, ló nu bàtà náà. Ó fi òróró pa á, ó sì ki òwú sí imú rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò kún un. Bàtà olóògbé ọkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ Iléyá nìkan ni bàbá Mamoudou máa ń wọ̀ ọ́, àfi ọjọ́ mélòó kan tó fi lọ sí Bassila, lọ́dún tí wọ́n mú Shehu, ọmọ rẹ̀ àgbà, lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà òyìnbó. Shehu kò padà wálé mọ́. Bàbá kò sọ ohun tó lọ ṣe ní Bassila fún ẹnikẹ́ni títí ikú fi mú un lọ.

Ní báyìí, iṣu kò tà, àwọn àbúrò Mamoudou sì ní láti jẹun. Bí wọ́n bá gba Mamoudou síṣẹ́ ní bìrò Kọmandan, òyìnbó tó ń ṣàkóso Bassila, ilé á rọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu.

Ó gbé bàtà náà lọ́wọ́ láti Manigri kí eruku má bà á jẹ́, ó di ẹnu ọ̀nà Bassila kó tó wọ̀ ọ́.

Ilé gbọọrọ ni bìrò náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, gbogbo wọn jọra, yàrá sì ń wọ inú yàrá. Ní Manigri, ibi tí èèyàn bá gbà wọlé ló ń gbà jáde. Mamoudou bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́sálásí lo rò pé o wá ni?" Yessoufou, akọ̀wé àgbà, béèrè. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Àgbà ló wà nínú ilé, ọ̀gá."

"Ó dáa, lèmọ́mù. Èsì lẹ́tà tó ti Djougou wá nìyí, ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Babalọlá á tẹ̀ ẹ́. Èmi á yẹ̀ ẹ́ wò, màá fọwọ́ sí etí rẹ̀. Kọmandan á fọwọ́ sí ìdí rẹ̀. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ọkọ̀ kàmíò pọ́ọ̀sì ò ní dúró. Bí lẹ́tà yìí bá kù sílẹ̀, máa lọ kọ ebè yín."

Èdè Faransé ló fi sọ ọ́, láìmí. Mamoudou gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ilẹ̀kùn Babalọlá? Ó ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó gba ibòmíràn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà kò sí. Ó kan ilẹ̀kùn kan, wọ́n lé e. Ó kan òmíràn, ti Kọmandan ni.

"Ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀ lo gbé wá síbí?" Wọ́n tì í jáde.

Omi lé sí i lójú. Ìgbà náà ló rí bàtà bàbá rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kan lọ́hùn-ún, imú rẹ̀ kọjú sínú ilé. Ó sáré lọ síbẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún nínú, ó sì wọlé.

Babalọlá fi bébà dúdú sáàárín bébà funfun méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn kejì ni Mamoudou gbà jáde. Bàtà tún ti lọ. Ó wò yíká: ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Yessoufou, imú rẹ̀ kọjú sínú ilé. Lórí bẹ́ǹṣì, Kassimou, ìránṣẹ́ àgbàlagbà tó wọ kakí, ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, bàtà ló ń ṣáájú, ọmọ ló ń tẹ̀ lé e. Yessoufou fọwọ́ sí etí ìwé. Kọmandan fọwọ́ sí ìdí rẹ̀, kò gbójú sókè. Níbi òǹtẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí i, wọ́n fi ẹ̀dà kan pamọ́, wọ́n sì ki èkejì sínú àpò ìwé. Nígbà tí Mamoudou jáde, ẹ̀gbẹ́ kàmíò ni bàtà wà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ti ń kùn, Kassimou sì ń kí awakọ̀.

"Ìyá ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn àna ńkọ́? Ewúrẹ́ tó bí yẹn ńkọ́?"

"Baba, ẹ jẹ́ n lọ!"

"Ó dáa, lọ," ni Kassimou wí, nígbà tí lẹ́tà ti bọ́ sínú àpò pọ́ọ̀sì.

Yessoufou wo Mamoudou láti òkè délẹ̀. "Padà wá lọ́la. Kí o sì wọ bàtà rẹ."

Nígbà tí bìrò ṣófo, Mamoudou dọ̀bálẹ̀ fún Kassimou. "Ẹ ṣeun, Baba. Ta ló sọ fún yín pé èmi ni mo ni bàtà náà?"

"Mo ti mọ bàtà yẹn kí n tó mọ̀ ọ́." Àgbàlagbà náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Koríko ni mo ń ro nínú ọgbà nígbà náà. Bàbá kan ń wá láti Manigri, á bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn ìpẹ̀kun yẹn, á jókòó tì í títí di àṣálẹ́. Ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà, òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ nínú ilé ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí. Ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀."

Mamoudou rìn lọ síbi ilẹ̀kùn náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà, ó sì fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. "Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, Ìyá."

"Bàtà ńkọ́? Ó ń dùn ọ́ lẹ́sẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá."

Mamoudou jókòó, ó nu eruku kúrò lára bàtà náà, kò sì sọ ohun tó gbọ́ nípa bàbá rẹ̀.