Fídíò Ààrò Gàrí Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Gírámà Bà Jẹ́

Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, tí yunifásítì ò tíì ránṣẹ́ pè mí, mo sọ ara mi di oníṣẹ́ fídíò. Kò sẹ́ni tó fi mí jẹ ẹ́ o. Fóònù tí ojú ẹ̀ ti sán ni mo ní, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń gbé fóònù lé, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì péré ló ń dúró dáadáa; òkúta ni mo fi máa ń ti ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn ní Ìlobùú nígbà yẹn, ẹ máa rò pé èmi ni mò ń ya ìròyìn fún gbogbo ayé.

Wẹ́dà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fi irin ṣe ààrò tí wọ́n fi ń yan gàrí. Kò jọ ààrò alámọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Igi ń gba ilẹ̀kùn kékeré kan wọlé, èéfín ń gba inú páìpù jáde lókè, agbada sì jókòó sójú ẹ̀ pẹ́kí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígàrí kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun fẹ́ ra mẹ́fà. Wẹ́dà méjì ni wọ́n ń wò, bọ̀ọ̀dá wa yìí àti ẹnì kan ní Òṣogbo. Ìyá tó jẹ́ alága wọn wá sọ fún bọ̀ọ̀dá pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Ó ní kó fi fídíò ẹni tó ti ń lò ó ránṣẹ́ kó tó di ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, torí ìpàdé yẹn ni wọ́n ti máa mú ẹnì kan.

Bọ̀ọ̀dá ò tíì rí iṣẹ́ gidi ṣe láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ààrò mẹ́fà yìí bá bọ́, ó máa ti ṣọ́ọ̀bù ni, kó padà sí Èkó lọ máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, àmọ́ ojú ẹ̀ ò bá ẹnu ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé fídíò náà lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló bẹ̀. Èmi tí n ò tíì ya ju ìsọmọlórúkọ méjì lọ, tí ọmọ ò sì hàn nínú ọ̀kan níbẹ̀.

Oníbàárà tó dáa jù tí bọ̀ọ̀dá ní ni màmá kan ní Ìfọ́n, tó ti lo ààrò náà tó bí ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ àárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n ò ní fi ẹnu ọmọdé sí i. Àwọn kan ti bi màmá náà pé kí ló gbé e débi ààrò ará Ìlobùú. Ó ní èéfín tó ń wọ òun lójú ò bi òun léèrè ìlú.

Mo jókòó kọ ohun tí màmá máa sọ. Ojú ewé méjì gbáko. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: "Ní tòótọ́ àti ní òdodo, láti ìgbà tí mo ti ra ààrò ìgbàlódé aláràbarà yìí, ìgbésí ayé mi ti yí padà pátápátá." Orúkọ ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá wà níbẹ̀ nígbà mẹ́fà. Bí mo ṣe ń kà á sókè nínú yàrá, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú èmi fúnra mi. Ìyá tó bí mi gbọ́ mi láti ìta, wọ́n ní ipò wo ni mo fẹ́ dù.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, èmi àti bọ̀ọ̀dá gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n. Màmá ti múra dè wá, wọ́n ti wé gèlè tuntun, wọ́n sì ti gbá abà gàrí náà títí ó fi dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti yan gàrí rí. Ó yẹ kí n ti fura. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo to ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, mo fi òkúta tì í, mo ní, "Ó yá, Màmá."

Bí mo ṣe ní ó yá, màmá kúnlẹ̀. Orí wọn kúrò nínú fídíò. Ògiri nìkan ni mò ń yà, ohùn sì ń jáde láti ìsàlẹ̀, ó ń kí àwọn ará Ẹ̀rìn kú iṣẹ́, kú ilé, kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ wọn. Mo dá wọn dúró, mo ṣàlàyé pé wọn ò nílò láti kúnlẹ̀. Wọ́n bi mí ṣé mo mọ gbogbo ẹni tó máa wo nǹkan náà. Mo ní rárá. Wọ́n ní tí àgbà bá wà níbẹ̀ ńkọ́. A tún un yà, wọ́n tún kúnlẹ̀. Ìgbà kẹta, mo tẹ fóònù wálẹ̀ kí n lè bá wọn nílẹ̀, òkúta yẹ̀, fóònù ṣubú sínú eérú.

Nígbà tí ìkíni tán, ọ̀rọ̀ tí mo kọ ló kàn. Mò ń kà á díẹ̀ díẹ̀, màmá ń tẹ̀lé mi. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà, tó sì ń wo pàṣán lọ́wọ́ ààfáà. Tí gbólóhùn kan bá parí, wọ́n á yí ojú sí mi bóyá àwọn gbà á. Nígbà tí a dé ibi "aláràbarà", wọ́n dúró.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo máa ń sọ báyìí ni?"

Mo fi ohun tí mo yà han bọ̀ọ̀dá. Ó wò ó tán, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní màmá dà bí ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n wá ní kó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń jẹun dáadáa. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Tí fídíò yẹn bá dé Ẹ̀rìn, wọn ò ní ra ààrò, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè.

Mo ya ojú ewé méjì yẹn sọ́tọ̀, mo wá kọ ìbéèrè sẹ́yìn ọ̀kan. Báwo ni nǹkan ṣe rí kí ààrò yìí tó dé? Kí ló ń bà yín lẹ́rù kí ẹ tó rà á? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí ló ṣì ń bí yín nínú níbẹ̀? Mo ṣàlàyé fún màmá pé mo máa yọ ohùn tèmi kúrò, nítorí náà tí mo bá bi wọ́n nípa igi, kí wọ́n má kàn ní "méjì", kí wọ́n ní "igi méjì ni mo fi ń yan agbada kan", kó lè yé ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè. Ìyẹn yé wọn kíá. Wàhálà tó kù ni èmi fúnra mi. Bí mo bá ti béèrè, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé n ò ní ra ààrò, n ò sì yan gàrí rí. Ta ló ń ṣàlàyé iná fún ẹni tó ń jẹ gàrí nìkan?

Ibi tí a wà nìyẹn tí ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn fi gbé ẹ̀gẹ́ tó ti fi asẹ́ sẹ́ wọlé. Kò tíì pẹ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí nínú abà náà, ààrò alámọ̀ sì ni tiẹ̀. Ó ti ń ro ti onírin yìí lọ́kàn, kò kàn tíì dá a lójú ni. Mo fún un ní ìbéèrè mi pé kó bá mi bi màmá. Ó gba ìwé, ó ká a, ó kì í bọ abẹ́ igi, ó ṣáná sí i. Màmá náà mú ojú ewé kejì, wọ́n fi dá iná tiwọn. Báyìí ni iṣẹ́ ọpọlọ mi ṣe jóná lójú mi. Àmọ́ fóònù ṣì ń ya fídíò, mo rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Màmá ti tú gèlè tuntun, wọ́n ti ń fi igbá da gàrí rú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tàn mí o," aládùúgbò ní. "Ṣé kì í jó gàrí?"

"Ó jó o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, igi tí mo máa ń kì bọ alámọ̀ ni mò ń kì bọ̀ ọ́. Odidi agbada kan jóná, ewúrẹ́ gan-an kọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo dín igi kù ló tó gbọ́ tèmi."

"Èéfín ńkọ́?"

"Wo ojú mi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ kírun Àsárì, omi á máa dà lójú mi wàrà wàrà. Ẹni tó dúró tì mí á rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Páìpù ẹ̀ kúrú nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá, èéfín ń padà sínú abà. Mo pe bọ̀ọ̀dá yẹn. Ọjọ́ kejì ló dé, ó jó irin mọ́ ọn, ó ga. Ilẹ̀kùn ẹ̀ nìkan lèmi àti ẹ̀ ń bára wa jà. Irin lásán ni, ó máa ń gbóná. Wo ọwọ́ mi." Wọ́n na ọwọ́ sókè, àpá iná kan wà lórí ìka. "Àkísà ni mo fi ń ṣí i."

Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yan agbada yẹn tán, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé fóònù ti ń ya gbogbo ohun tí wọ́n sọ láti ìgbà tí wọ́n dáná. Mo ní tí wọn ò bá fẹ́, mo máa pa á rẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ káwọn wò ó. Aládùúgbò, tí èjìká ẹ̀ nìkan ló hàn, ní ó rẹwà. Màmá ní kí n fi ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá ló fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n yọ ibi ilẹ̀kùn àti ibi páìpù, kí n fi ti ojú nìkan sílẹ̀. Kò ju kí n tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo ti ń wá àmì tí wọ́n fi ń gé fídíò lórí fóònù nígbà tí màmá, tí a rò pé wọn ò gbọ́, dá sí i láti ìdí ààrò.

"Tí ẹ bá yọ ọwọ́ mi, ẹ yọ ojú mi náà. Àwọn ará Ẹ̀rìn mọ̀ mí lọ́jà. Tí ọwọ́ tiwọn bá jó, ta ni wọ́n máa wá bá?"

Bọ̀ọ̀dá gba fóònù, ó tún wo ibi ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi í sílẹ̀.

Ikọ́ tí mo wú ni mo gé, àti ewúrẹ́ tó kọjá, àti ibi tí wọ́n ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó kù bí ìṣẹ́jú méjì. Mo fi orin sí i, ó wá dà bí ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, mo yọ ọ́ kúrò. A fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá bọ̀ọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù. Irin kan náà ló ń lù láti ìgbà tí mo dé, kò sì sí ohun tó ń fi í ṣe. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, fóònù dún. Alága ni. Ó ní àwọn wo ti ará Òṣogbo náà, oníbàárà tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí rédíò, ààrò yẹn ò sì ní àléébù kankan, ìyẹn gan-an ló ba àwọn lẹ́rù. Ó wá béèrè pé, "Ilẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ ti fi igi sí ọwọ́ ẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn. "A ti wà lórí ẹ̀, Mà."

Alága ní ó dáa. Ó ní kí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní in, àmọ́ ti màmá yẹn ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ó ní òun máa pe màmá lálẹ́ láti bi wọ́n, tí wọ́n bá ní ó ti wà níbẹ̀, káwọn wá sọ ti iṣẹ́.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti wà lórí ọ̀kadà. Bọ̀ọ̀dá gbé irinṣẹ́, èmi di igi tí ó gbẹ́ mú láyà bí ọmọ tuntun. Ó lu ihò, ó de nọ́ọ̀tì, ó ní kí màmá gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tún na ọwọ́, wọ́n ṣí i láìlo àkísà. Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, bí ìgbà márùn-ún. Wọ́n ṣàdúrà fún bọ̀ọ̀dá títí ó fi ń wo ibòmíì.

Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní ṣé n ò tún kọ irú ìwé ọjọ́sí yẹn wá ni. Inú mi dùn. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n ní, "Ó mú iná dáadáa."