Áàpù Orin Tó Tì Pa Mọ́ Ìyá Ibiade

Nínú yàrá tí mo háyà ní Agọ́-Ìwòyè ni mo ti kọ áàpù náà, nígbà tí mi ò bá sí ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ẹnìkejì mi nínú iṣẹ́ náà ni tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Atikori. Ohùn rẹ̀ la gbà sílẹ̀ láti fi kọ́ àwọn akọrin bí wọ́n ṣe ń ka àmì orin dò-rè-mí.

Ìpolówó ọjà la kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sanwó. Àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, nítorí náà ohun tó ń wọlé kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù já wọ àárín ẹ̀kọ́.

Tíṣà pè mí. “Ṣé tẹ́tẹ́ la fẹ́ máa kọ́ wọn ni?”

Mo yọ gbogbo ìpolówó kúrò. Tíṣà wá dábàá pé ká máa so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ olùkọ́ orin, ká sì máa yọ ìdá díẹ̀ lára owó tí wọ́n bá san fún olùkọ́ náà.

“Sà, bí wọ́n bá ti mọra tán, wọ́n á máa sanwó fúnra wọn láìgba ọ̀dọ̀ wa.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Owó oṣooṣù lèmi fẹ́, torí oṣooṣù lèmi náà ń sanwó ibi tá a kó ohùn pa mọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gbà.

Ìyá kan wà ní Ibiade tó ń yan ẹja tà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó wọ ẹgbẹ́ akọrin. Etí ló fi ń kó orin, ojú sì máa ń tì í bí wọ́n bá pín ìwé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi káàdì báńkì san oṣù àkọ́kọ́ fún un. Kí oṣù tó pé, ìyá ti ń ka ìlà ohùn tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni oṣù pé. Owó kò sí nínú àkáǹtì ọmọ náà, áàpù bá tì. Ìyá pè mí.

“Ọmọ mi, kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà. Owó oṣù ló tán.”

“Ṣé ohun tí mo ti kọ́ náà ti tán nìyẹn?”

Ojú tì mí. Mo ṣí i fún un kíá, àmọ́ ó ní láti rìn dé etí odò, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì íńtánẹ́ẹ̀tì wà, kó tó lè wọ orí áàpù náà.

Mo sọ fún Tíṣà pé ká jẹ́ kí wọ́n máa san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Owó oṣù tìrẹ ńkọ́?”

“Màá kó ohùn yín sínú áàpù náà gan-an, sà. Yóò wúwo láti gbà sórí fóònù, ṣùgbọ́n kò ní nílò nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Bá a bá ṣe ẹ̀kọ́ tuntun, a ó tà á lọ́tọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A kò gba kọ́bọ̀ mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti san tẹ́lẹ̀. Owó máa ń wọlé nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin kan bá rà á, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á tún dákẹ́. Mi ò tíì lè fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Mo lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ibiade lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá dúró ní ìlà kejì, ó ń fi ìka tọ àmì orin lójú ìwé. Nígbà tí wọ́n jáde, ó di ọwọ́ mi mú, ó béèrè ìgbà tí apá kejì ẹ̀kọ́ náà máa jáde àti iye tá a máa tà á. Mo sọ òótọ́ fún un pé a ò tíì mọ̀.