Oókan Tó Ṣíwájú Márùn-ún

Bó-Ṣe-Rí ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ àwo. Kì í ṣe orúkọ àbísọ o, ẹnu ara rẹ̀ ló fà á. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣírò iye tí àwo kan ń ná ilé iṣẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, ẹnikẹ́ni tó bá sì mú ìwé wá pé kó bá òun tún un ṣe díẹ̀, èsì kan náà ló máa ń gbọ́: "Kọ ọ́ bó ṣe rí." Ọkùnrin náà lágídí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀gbẹ́ ìléru ni yàrá rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná sun àwo amọ̀ kó lè le. Eruku funfun kì í kúrò lójú fèrèsé, ògiri ibẹ̀ sì máa ń gbóná débi pé kì í fẹ̀yìn tì í. Tí àwo bá jáde nínú iná, àwọn obìnrin méjì á jókòó, wọ́n á máa fi èékánná kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún gbangba, ó yè. Èyí tó bá dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó ti sán nìyẹn, ààtàn ló ń lọ, nítorí àwo tí iná ti sun kò ṣe é pò padà di amọ̀.

Kò sí bí iná ṣe lè mọ̀wọ̀n tó, àwo kan á sán. Tí ọgọ́rùn-ún bá yè, márùn-ún á bàjẹ́, ẹnjiníà ti wọ̀n ọ́n láyé àtijọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìbàjẹ́ tó yẹ, owó rẹ̀ sì di ẹrù àwọn àwo tó yè, torí pé èèyàn ò lè rí wọn láìrí i. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá lé lórí márùn-ún yẹn, ìbàjẹ́ tí kò yẹ ni. A kì í gbé ìyẹn ru àwo kankan. Ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló máa ń dá dúró sí nísàlẹ̀ ìwé oṣù, gẹ́gẹ́ bí àdánù, kí ọ̀gá àgbà lè rí i kó sì béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bó-Ṣe-Rí ló ń kọ ìlà yẹn.

Ọ̀gá ìléru ni ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn ìléru yẹn ò pa dé mọ́. Atẹ́gùn tútù ń wọlé bá àwo nínú iná."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti kọ̀wé béèrè òmíràn. Àwọn ará ibi ìpamọ́ irinṣẹ́ ní kí n ṣe sùúrù." Ó wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ló bàjẹ́ lóṣù yìí. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ti fún mi níwèé ìkìlọ̀ kan. Tí mádàámù ọ̀gá àgbà bá rí ìlà yẹn, wọ́n á lé mi. Àbúrò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

Bó-Ṣe-Rí ò sọ pé kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní kó máa lọ, òun á wò ó.

Ó sì wò ó lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwo ló wọ iná, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló yè. Ogójì náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ná wọn títí dé ojú àyẹ̀wò. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ tó sán, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ló yẹ. Tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwo tó yè á di méjìlélógójì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún kan tó kù á sì jókòó sísàlẹ̀ ìwé ní àdánù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, gbangba lójú mádàámù. Ó rántí ọmọ tuntun náà. Ó mú báírò, ó fi oókan síwájú márùn-ún tó wà nínú ìwé ìlànà. Márùn-ún di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ di ìbàjẹ́ tó yẹ, àdánù pòórá. Ibi tó sá lọ ni orí àwo tó yè, ọ̀kọ̀ọ̀kan di mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ó ní oṣù kan péré ni. Ẹ̀yin náà mọ bí oṣù kan péré ṣe máa ń rí. Ilẹ̀kùn tuntun ò dé, àwo ń sán, oókan ò kúrò níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lóṣù kẹfà, mádàámù ọ̀gá àgbà pè é. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ èèyàn. Ìwé Bó-Ṣe-Rí ló tẹ́ síwájú.

"Bàbá, mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ń ná wa láti ṣe àwo tí à ń tà ní márùndínláàádọ́ta. Mo ti wò ó títí, mi ò rí àdánù kan tí mo lè ní kí wọ́n lọ tún ṣe. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ni kò pé wa mọ́. A ti bá àwọn kan tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti máa ra àwo. A máa pa ìléru lópin oṣù."

Bó-Ṣe-Rí jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti oókan, àti ilẹ̀kùn, àti àna rẹ̀. Mádàámù gbọ́ ọ tán. Ó pe ibi ìpamọ́ irinṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì gbé ìwé tí ọ̀gá ìléru fi béèrè ilẹ̀kùn wá. Déètì ọjọ́ tó kọ ọ́ wà lórí rẹ̀ kedere.

"Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gá ìléru rárá," ni mádàámù wí. "Ká ní mo rí ìlà yẹn lóṣù àkọ́kọ́ ni, ǹ bá béèrè, ìwé yìí ni wọn ì bá fi hàn mí." Ó yí i padà, ó wo iye owó tí wọ́n kọ sẹ́yìn. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ni ilẹ̀kùn náà, bàbá. Kò tó àdánù oṣù kan."

"Ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́, mà?"

"Mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tá a ó máa ra àwo lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́ta ni."

Ó ní kó gba ìsinmi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀. Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn ún. Èèyàn mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ ní ìléru, ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ ọmọ àwọn mìíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa iná, àna rẹ̀ yà sí i nígbà tí Bó-Ṣe-Rí ń kó ẹrù ara rẹ̀ jáde nínú yàrá. Ògiri ti tutù. Àna rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i, ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣàlàyé fún wa pé ọjà ló bàjẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ dára, kò sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bò mí láṣìírí. Àbúrò yín ní kí n bá òun dúpẹ́ gan-an."

Bó-Ṣe-Rí la ẹnu, ó fẹ́ sọ òótọ́. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo ẹrù tó gbé kọ́ èjìká.

"Kò tọ́pẹ́," ló ní.