Tánkì Tí Kò Tíì Balẹ̀

Inú fọ́tò kan ni mo ti gé tánkì omi yẹn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí òrùlé ilé tí mo ń yà. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé kan ní Àpápá: bí ọ̀gá mi bá ti ya ilé tán lórí ìwé, èmi ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwòrán tí oníbàárà lè wò bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ilé náà tán. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í pariwo rárá, fi ń dán mi wò, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni yóò sì pé. Ó ti sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé bí bàbá tó ni ilé náà bá kọ àwòrán yìí, kí n má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá onílé yìí kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń tàn. Kí ó tó ní ilé ìkẹ́rù tirẹ̀, èbúté ló ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Òun ló máa ń nawọ́ sí oní-kirénì pé kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó dúró, kó yà sápá ọ̀tún. Ó wá fẹ́ sọ ilé ìkẹ́rù náà di ọ́fíìsì, kí sólà àti tánkì omi wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó yà wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọmọ yìí, ta ló di ẹrù yìí mú?"

"Ẹrù wo, sà?"

"Tánkì yìí. Kò tíì balẹ̀. Ó ṣì wà lọ́wọ́ kirénì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò pé ìṣẹ́jú méjì. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá lọ tán, mo tún un wò, mo sì rí i pé lóòótọ́ ni tánkì náà léfòó. Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn ju ẹ̀rù ọjọ́ Jímọ̀ lọ.

Plọ́ńbà kan ń gbé ní àgbàlá wa ní Ajégúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú mi gun òrùlé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Abeg, hold ladder well o," ló ní. "Má wolẹ̀. Ibi tó o máa fẹsẹ̀ sí ni kó o máa wò."

Nígbà tí mo dókè, mo kúnlẹ̀, mo ń wo ìdí gbogbo nǹkan. Tánkì kò jókòó lórí òrùlé rárá: orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló wà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní irin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ kankéré ẹ̀gbẹ́ páànù. Páìpù kan ń gbé omi bọ̀, òmíràn ń gbé e lọ sílẹ̀. Sólà tó wà níbẹ̀ náà kò fara kan páànù òrùlé. Wọ́n tò ó lé irin gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì wọ abẹ́ rẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí gbogbo wọn kọjú síbì kan?"

"Gúúsù nìyẹn. Apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà jù láàárín ọdún. Wọ́n tún dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè ṣàn kúrò. You dey write am?"

Mo ń kọ ọ́.

Bí mo ṣe padà sí ọ́fíìsì, àṣìṣe mi hàn sí mi kedere. Òsì ni oòrùn ti ń tàn sí tánkì inú fọ́tò, ọ̀tún ló ti ń tàn sí ilé mi. Ẹni tó ya fọ́tò dúró nílẹ̀, èmi sì ń wo ilé láti òkè. Ó yẹ kí ènìyàn rí ọmọrí tánkì. Mo pa tánkì inú fọ́tò yẹn rẹ́. Mo mọ tánkì tuntun sínú àwòrán ilé gan-an, tòun tẹsẹ̀ irin àti páìpù rẹ̀, kí oòrùn kan náà lè tàn sí gbogbo wọn, kí òjìji wọn sì balẹ̀. Mo gbé sólà kúrò lára páànù, mo dín àwọ̀ búlúù rẹ̀ kù, mo jẹ́ kí ojú ọ̀run hàn lára rẹ̀. Mo fi oòrùn sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá wò ó títí. Lójijì ó gbá tábìlì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé tánkì síbẹ̀? Ẹ ò rí i pé òjìji ẹ̀ bo sólà mẹ́ta? Iná wo ni wọ́n á wá mú wá nírọ̀lẹ́?"

Òótọ́ ló sọ: ìwọ̀ oòrùn sólà ni tánkì wà. Nígbà tí tánkì àkọ́kọ́ kò ní òjìji, kò sẹ́ni nínú wa tó lè rí àléébù yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bínú lọ, ó yé mi pé bàbá ò bá àwòrán jà mọ́. Nítorí òrùlé rẹ̀ gan-an ló ṣe ń bá wa jà, bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ tán.

Ọ̀gá mi nàka sí ẹ̀yìn ilé nínú àwòrán. "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Apá àríwá ló yẹ kó wà."

"Ìgbà wo lẹ máa gbé e?"

Ọ̀gá mi yíjú sí mi, ó rọra dá a lóhùn.

"Ó máa gbé e lọ́jọ́ Ajé, sà."